Ẹ̀kọ́ Wo Ló Máa Dé Ìdí Kànga Yìí?

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọmọbìnrin kan láti òpópónà ẹ̀yìn wa wá bá mi nílé ní Mówè. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì fa bébà méjì yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó ń béèrè fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Kọ́mọ́nwẹ́lì, èyí tí yóò gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún kan láti lọ kọ́ ìmọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀. Ó ti kọ gbogbo ibi yòókù nínú fọ́ọ̀mù náà tán. Ibi tí wọ́n ti ní kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ kọ́, kí ó sì sọ ohun tí yóò fi ṣe tó bá padà sílé, ibẹ̀ ló há sí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó," ló wí. "Ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan kan kù níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ nǹkan náà."

Mo wọ dígí mi, mo kà á. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ní láti kékeré ni ọ̀rọ̀ omi ti wà lọ́kàn òun. Ìkejì ní kò sí ẹ̀dá tó lè wà láàyè láìsí omi. Lẹ́yìn náà ló wá to orúkọ módùù mẹ́fà tẹ̀ léra wọn, bí ìgbà tí èèyàn bá kọ ohun tí yóò rà lọ́jà. Ó sì parí rẹ̀ pé tí òun bá dé, òun yóò ran ìjọba Nàìjíríà lọ́wọ́ láti fòpin sí ìṣòro omi.

Ìwọ ọmọ mi tí ò ń kọ irú ìwé yìí lọ́wọ́, ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí fún ọ ni pé ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ káàkiri Ìpínlẹ̀ Ògùn, mo sì fi ọdún mẹ́rin wà lára àwọn tó ń ka ìwé àwọn ọ̀dọ́ tó ń béèrè owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Alẹ́ ọjọ́ kan lè mú ogójì ìwé wá. Nínú ogójì náà, bí márùndínlógójì ló máa ń rí bí ti ọmọ yìí gẹ́lẹ́. Wọn kì í ṣe òpè. Ohun tó kù níbẹ̀ ni okùn tó so ẹ̀kọ́ mọ́ iṣẹ́. Orúkọ módùù wà lápá kan, ìlérí wà lápá kejì, kò sì sí ohunkóhun láàárín.

Mo bi í pé, "Omi wo?"

Ó wò mí. Mo tún un bi: "Omi wo lò ń sọ? Ti ta ni? Níbo ló wà?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá sọ pé ti ìyá òun ni. Ilé ìyá rẹ̀ wà ní Ìbafò, lórí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbẹ̀, omi rẹ̀ mọ́ gaara. Òjò ọdún kejì ló kọ́kọ́ yí i padà: bí òjò ńlá bá rọ̀ lálẹ́, omi tó bá jáde láàárọ̀ a máa pọ́n. Ní ọdún kẹta, ará ẹ̀yìnkùlé kọ́ ilé tirẹ̀, ó sì gbẹ́ sọ́kàwéè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọ tó wà nínú ilé, ọmọbìnrin yìí bu omi náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò. Wọ́n bá kòkòrò ìgbẹ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ẹyọ kan ṣoṣo wà nínú mílílítà 100 omi tí èèyàn yóò mu. Náítíréètì tó wà níbẹ̀ náà ju mílígíráàmù 50 nínú lítà kan lọ, ìyẹn ààlà tí àjọ ìlera àgbáyé àti ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà fi lélẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fa tépù láti ẹnu kànga dé sọ́kàwéè ará ẹ̀yìnkùlé. Mítà mẹ́sàn-án ni.

Mo ní, "Kí ló dé tí èyí ò sí nínú ìwé rẹ?"

Ó ní, "Bàbá, mo rò pé ọ̀rọ̀ ilé ni."

Ọ̀rọ̀ ilé náà gan-an ni wọ́n ń wá. Ètò Kọ́mọ́nwẹ́lì yìí ti pẹ́; ọdún 1959 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Yàtọ̀ sí bí èèyàn ṣe mọ̀wé sí, wọ́n ń wo bí ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe dúró sí àti ohun tí ìlú rẹ̀ yóò rí jẹ níbẹ̀. Ti Chevening kò yàtọ̀ púpọ̀: wọ́n á ní kí o kọ ìdí tí o fi yan ẹ̀kọ́ yẹn sọ́tọ̀, kí o kọ iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe sọ́tọ̀, wọ́n sì ti fi í ṣe òfin pé ó kéré tán kí o padà wá lo ọdún méjì nílé. Ẹni tó ń kà á kò dé Ìbafò rí. Ìwọ ni ojú rẹ̀. Bí o bá ní "ìṣòro omi ní Nàìjíríà," kò rí nǹkan kan. Bí o bá ní mítà mẹ́sàn-án, ó rí ògiri, ó rí kànga, ó rí sọ́kàwéè.

A wá jókòó tì í. Mo ní kí a kọ́kọ́ mọ bí ìṣòro náà ṣe tóbi tó, torí pé bó bá jẹ́ ilé ìyá rẹ̀ nìkan ni, kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni yóò rán èèyàn lọ òkè òkun fún. Ohun tí a ń tẹ̀ lé nídìí iṣẹ́ ni pé kí kànga jìnnà sí ṣálángá tàbí sọ́kàwéè tó mítà 30. Pulọ́ọ̀tì kan ládùúgbò wa jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní 120. Ààbọ̀ rẹ̀ tí wọ́n sábà ń tà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó jẹ́ 60 ní 60. Mo ní kí ó ṣírò bí igun kan ṣe jìnnà sí igun tó kọjú sí i. Ó tẹ fóònù rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 85, ìyẹn mítà 26. Ó gbójú sókè. Kódà bí onílé bá gbẹ́ kànga sí igun kan, tó gbẹ́ sọ́kàwéè sí igun tó jìnnà sí i jù lọ, mítà 30 kò pé. A ò tíì ka ti àwọn tó múlé tì í mọ́ ọn o. Ìyẹn ni pé kò sí ilé kankan lórí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì tó lè pa òfin náà mọ́, bó ti wù kí onílé náà ṣọ́ra tó. Àdúgbò tí wọ́n gé sí ààbọ̀, ààbọ̀ láti Ìbafò dé Mówè kò lónkà. Ìṣírò tí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ yìí ló sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìlú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ló kàn. Wọ́n á fo láti orí ìṣòro lọ sórí módùù. Wọ́n á ní omi ìyá àwọn kò dára, nítorí náà àwọn fẹ́ kọ́ ìmọ̀ omi. Rárá. Ohun kan wà láàárín méjèèjì, òun ló sì ṣòro láti kọ jù: kí ni ìwọ kò mọ̀ ọ́n ṣe lónìí? Tìtorí rẹ̀ lo ṣe fẹ́ lọ. Ọmọ yìí kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nípa omi ní yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta, ó sì ti bá ilé iṣẹ́ agbẹ́kànga kan ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ààbọ̀. Kò rọrùn fún un láti jẹ́wọ́ pé nǹkan kan wà tí òun kò mọ̀. Mo ní kí ó rò ó bíi pé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wọn pè é ní ọ̀la, wọ́n ní, "Ọmọ wa, ìwọ lo kàwé omi, kí ni ká ṣe?" Níbo ni ẹnu rẹ̀ yóò ti wọ́?

Ó ronú títí, ó wá dárúkọ mẹ́ta. Kò lè sọ apá ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ àdúgbò náà ń ṣàn lọ. Kò lè sọ iye ọjọ́ tí ìdọ̀tí yóò lò kó tó ti ibi sọ́kàwéè dé kànga. Kò sì lè bójú tó bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kànga kan kí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n dí i dáadáa. Mo ní ó ti parí iṣẹ́ náà. Tó bá ku nǹkan kan, orúkọ ló kù. Nínú módùù mẹ́fà tó kọ, mẹ́ta ló dúró: Groundwater Modelling, Contaminant Hydrogeology, àti Borehole Design. Mi ò ní dárúkọ yunifásítì náà, torí pé fọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mẹ́ta yòókù dára, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Ìbafò. A fa igi lé wọn lórí.

Jẹ́ kí n mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o lè rí bí a ṣe ń so okùn náà.

Ti ìṣàn omi la fi bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé kó má kàn kọ ọ́ pé òun fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán omi abẹ́ ilẹ̀. Kó kọ ibi tí òun bá a dé àti ibi tí ó ti kọjá agbára òun. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a jí lọ sí Ìbafò kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó tan súmò, torí pé kànga tí wọ́n ti fa omi rẹ̀ kì í sọ òtítọ́. Omi rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sinmi mọ́jú kí ó tó padà sí àyè rẹ̀. A yan kànga mẹ́ta tí kò sí lórí ìlà kan náà: ti ìyá rẹ̀, ti ará ẹ̀yìnkùlé, àti ti ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà níwájú. Ilẹ̀ kò tẹ́jú, nítorí náà a yá rọ́bà tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí láti fi wo lẹ́fẹ̀lì, a fi àmì ìlà kan náà sára ògiri níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti orí ìlà yẹn dé ojú omi, ti ará ẹ̀yìnkùlé jẹ́ mítà 6.2, ti ìyá rẹ̀ jẹ́ 6.5, ti ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ 6.9. Omi abẹ́ ilẹ̀ náà kì í gun òkè. Ibi tó ga ló ti ń lọ síbi tó rẹlẹ̀. Láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń gba abẹ́ kànga ìyá rẹ̀ lọ sọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà dákẹ́ fúngbà díẹ̀ níbi tó dúró sí.

Kànga mẹ́ta lè sọ ọ̀nà tí omi ń gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò lè sọ bí yóò ti rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí nígbà tí odò Ògùn bá kún dé àbàtà ẹ̀yìn Ìbafò, tàbí nígbà tí ogójì súmò bá ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wúlò nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni módùù àkọ́kọ́ ti wọlé. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kà á yóò mọ̀ pé ọmọ yìí ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà dé ibi tó dópin, ó sì ń béèrè ọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ.

Ti ìdọ̀tí ló fún èmi gan-an láyọ̀ jù, torí pé ó kọ́ mi ní nǹkan tí n kò rò tó nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mítà 30 tí a ń pariwo, òfin àtẹ́lẹwọ́ ni. Kì í ṣe jíjìn ló ń pa kòkòrò ìgbẹ́, àkókò ni. Bí ó bá pẹ́ tó lábẹ́ ilẹ̀, yóò kú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí wọ́n ń ṣọ́ jù lọ yí kànga omi mímu ká ni ibi tí ohun tó bá jò sínú omi abẹ́ ilẹ̀ kò ti ní lò ju 50 ọjọ́ lọ kó tó dé kànga. Nínú yanrìn múlọ́múlọ́ tí omi ń rọra gbà kọjá, 50 ọjọ́ lè má ju mítà díẹ̀ lọ. Nínú yanrìn oníhóró ńlá, ó lè ju mítà 30 lọ dáadáa. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ yìí gbé lọ sínú módùù kejì ni pé: nínú irú yanrìn tó wà lábẹ́ Ìbafò, mítà mélòó ni 50 ọjọ́? Ṣùgbọ́n mo ní kó má ṣe fi ibẹ̀ parí rẹ̀, torí pé náítíréètì kì í ṣe ohun abẹ̀mí, kì í kú, kò sì bìkítà fún 50 ọjọ́. Ó ní láti sọ pé òun mọ̀ pé ọ̀nà àkókò yìí yóò gba ìyá òun lọ́wọ́ kòkòrò, ṣùgbọ́n kò ní gbà á lọ́wọ́ náítíréètì. Má fi ibi tí ìmọ̀ tí o fẹ́ lọ kọ́ kò dé pa mọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà yóò rí i pé o kò pa á mọ́, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ sí ọ.

Ti kànga gbígbẹ́, èmi ni mo sọ ọ́ fún un. Bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín, a ó lu ihò, a ó ki páìpù bọ̀ ọ́, a ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, lẹ́yìn náà a ó fi erùpẹ̀ pupa kún un títí dé òkè, ó tán. Ó yẹ kí sìmẹ́ǹtì wà láàárín páìpù àti ògiri ihò náà ní mítà mélòó kan láti òkè wá. Níbi tí kò bá sí, omi gọ́tà àti omi òjò yóò rọra tẹ̀ lé ara páìpù sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. Bí o bá fẹ́ mọ̀, wo ìdí páìpù lẹ́yìn òjò: ilẹ̀ ibẹ̀ yóò ti jìn bí abọ́, omi tó bá sì jáde láàárọ̀ yóò pọ́n. Ohun tí ìyá rẹ̀ rí ní ọdún kejì nìyẹn, kí sọ́kàwéè ará ẹ̀yìnkùlé tó dé. Ó dun ọmọ náà nígbà tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi ará ẹ̀yìnkùlé nìkan. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku iṣẹ́ tí yóò ṣe tó bá dé. "Màá ran ìjọba lọ́wọ́" kò lójú, kò nímú. Bẹ́ẹ̀ náà ni "màá dá àjọ aláàánú sílẹ̀," tí mo ti kà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú mi fi ń fò ó. Nígbà tó jẹ́ pé ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì kò lè fẹ̀ sí i, kí ni ẹni tó mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè ṣe tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n kò lè ṣe? Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn: kí àdúgbò dẹ́kun gbígbẹ́ kànga lójúlé dójúlé. Kànga kan fún òpópónà kan, tí wọ́n gbẹ́ sí apá ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, tó jinlẹ̀, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí, tí gbogbo ilé sì ń fa páìpù lára rẹ̀.

Mo ní kó ṣe ìṣírò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé àlá ni. Ogún ilé, èèyàn mẹ́wàá nínú ilé kọ̀ọ̀kan, igba èèyàn nìyẹn. Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gba lítà 50 lóòjọ́, lítà 10,000 ni. Kànga tó ń mú lítà kan jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò fa 3,600 láàárín wákàtí kan, nítorí náà kò tó wákàtí mẹ́ta tí yóò fi kún táńkì fún gbogbo òpópónà. Ohun tó lè ba ìṣírò yìí jẹ́ ni kí kànga náà má lè máa mú lítà kan jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan lójoojúmọ́. Àwa agbẹ́kànga a máa fa omi fún wákàtí méjì títí yóò fi mọ́, a ó sì gba owó wa. Ó yẹ kí a fà á fún wákàtí 24, kí a máa wọn bí ojú omi ṣe ń lọ sílẹ̀, kí a pa á, kí a tún wọn bó ṣe ń padà bọ̀. Bó ṣe ń padà ló ń sọ òtítọ́. Ìyẹn náà wà nínú módùù kẹta.

Ohun tó padà kọ nìyí, bí mo ṣe rántí rẹ̀, lẹ́yìn tó ti ṣàlàyé kànga ìyá rẹ̀:

"Mo ti mọ ọ̀nà tí omi abẹ́ òpópónà wa ń gbà lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kan. Mo fẹ́ kọ́ Groundwater Modelling kí n lè mọ̀ ọ́n fún ọdún yíká. Mo fẹ́ kọ́ Contaminant Hydrogeology kí n lè ṣírò iye mítà tí 50 ọjọ́ jẹ́ nínú yanrìn Ìbafò, kí n sì mọ ohun tí a ó ṣe sí náítíréètì tí àkókò kò lè pa. Mo fẹ́ kọ́ Borehole Design kí n lè kọ ìwé ìlànà kan tí agbẹ́kànga yóò tẹ̀ lé kí ẹgbẹ́ onílé tó san owó ìkẹyìn fún un. Iṣẹ́ àkànṣe ìparí ẹ̀kọ́ mi yóò dá lórí òpópónà kan náà yìí. Bí mo bá padà, ilé iṣẹ́ tí mo wà yóò gbà mí padà, lẹ́tà wọn wà nínú ìwé yìí. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, kànga òpópónà kan ni màá gbẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ onílé, màá sì máa yẹ omi rẹ̀ wò lóṣooṣù. Àbájáde rẹ̀ ni màá gbé lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwòdé."

Kànga kan. Ó bẹ̀rù pé ó kéré. Mo ní ẹni tó ṣèlérí ẹyọ kan tó sì fi bí yóò ṣe ṣe é hàn, òun ló ń wọ èèyàn lójú ju ẹni tó ṣèlérí ẹgbẹ̀rún lọ.

Ohun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Nígbà tó tún ṣí ojú ìwé yunifásítì náà, a rí i pé ọ̀kan nínú módùù mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn tó ń gba digirí àkọ́kọ́. Ó bá a níbẹ̀ ni, kò wo ìpele rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpele 7 ni ti Másítà. A tún rí i pé ọdún ìwé tó ti lọ ni àkójọ tó dà kọ. Módùù a máa yí orúkọ padà, a máa kúrò, nígbà mìíràn méjì tí o fẹ́ lè jẹ́ pé ọ̀kan ni wọn yóò jẹ́ kí o yàn. Da orúkọ náà kọ létà fún létà láti inú àkójọ ọdún tí ìwọ yóò lọ. Tí o kò bá rí ti ọdún yẹn, kọ̀wé sí ẹni tó ń bójú tó kọ́ọ̀sì náà kí o béèrè. Bí ó bá sọ pé módùù kan kò ní wáyé, yọ ọ́, bó ti wù kó dùn tó.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ náà ti ràn. Ọmọkùnrin kan wá láti Ifọ̀, ó ní òun náà fẹ́ kọ́ ìmọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀, ó sì ti da ìwé ọmọbìnrin náà kọ, ó kàn fi Ifọ̀ rọ́pò Ìbafò. Mo kà á dé ibi 50 ọjọ́ àti yanrìn, mo dá a dúró. Mo bi í pé níbo ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní lápá Pápáláńtò àti Ewékorò. Mo ní, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń gbẹ́ jáde nílẹ̀ níbẹ̀?" Ó ní òkúta sìmẹ́ǹtì ni. Mo ní òkúta yẹn máa ń là. Omi kì í rọra wọ inú rẹ̀ bíi ti yanrìn, ojú ìlà ló máa ń gbà, ó sì lè sáré níbẹ̀. Ohun tó gba oṣù méjì ní Ìbafò lè gba ọjọ́ díẹ̀ níbi tí omi bá ti bá ojú ìlà pàdé. Ìṣírò yanrìn yóò tàn án jẹ. Módùù tó yẹ kó wúwo nínú ìwé tirẹ̀ ni èyí tó ń kọ́ni bí omi ṣe ń gba inú òkúta tó là, àti bí wọ́n ṣe ń da àwọ̀ aláìléwu síbi kan kí wọ́n fi mọ ibi tí yóò ti jáde. Ó yẹ kó tún wo ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa kí ó mọ̀ bóyá amọ̀ líle wà lórí òkúta náà tó dí i lójú, nítorí tí ó bá wà, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó jókòó sí fàráńdà mi fún bíi wákàtí kan, ó ń wo bébà náà, ó wá fà á ya, ó ní kí n fún òun ní bébà tí kò tíì ní nǹkan kan lára.

Ìwé tó dára kò lè gbé ẹni tí èsì ìdánwò rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n béèrè. Mi ò ní tàn ọ́. Ìwé rẹ sì lè dára, síbẹ̀ kí wọ́n má mú ọ, torí pé àyè kò pọ̀. Èmi náà kọ irú rẹ̀ nígbà èwe mi, wọn kò mú mi, nígbà tí mo sì tún un kà lẹ́yìn ogún ọdún, mo rí i pé kò sí orúkọ òpópónà kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta tí wọn yóò tì í. Ó padà wá lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe láti sọ èsì, èsì kò tíì jáde. Ó wá yá tépù mi tó gùn, èyí tí mo ń sọ sínú kànga láti wọn ojú omi. Ó ní ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, òun fẹ́ lọ wọn kànga mẹ́ta yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, kí wọ́n tó tan súmò.